Ìsinmi àìsàn ní ilé búrẹ́dì wa: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí abala keje ìwé ìlànà òṣìṣẹ́

Abala keje ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ wa ló sọ̀rọ̀ nípa ìsinmi àìsàn. Kò gùn rárá, ṣùgbọ́n òun ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń tìtorí rẹ̀ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi jù lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìpo-fúláwà àti nídìí ààrò wa ní Kúbúwà níbí ló wá láti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́, Yorùbá sì ni a jọ ń sọ lóru iṣẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe kó àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jọ, tí mo sì dáhùn wọn ní èdè tí a jọ gbọ́. Ibi tí òfin Nàìjíríà ti sọ̀rọ̀, mo sọ pé òfin ni. Ibi tí ó jẹ́ ìpinnu ilé iṣẹ́ wa nìkan, mo sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé bákan náà ni níbi gbogbo.

Kí ló dé tí ilé iṣẹ́ fi ń sanwó fún ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó wá?

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Abala 16 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ láàárín ọdún kan, bí àìsàn ìgbà díẹ̀ bá dá a dúró, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin sì jẹ́rìí sí i.

Ìdí kejì ni ti iṣẹ́ tí à ń ṣe. Kí n tó dé ibí, mo ti bá ilé oúnjẹ kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n máa ń yọ owó ọjọ́ kan fún gbogbo ọjọ́ tí èèyàn kò bá wá, ìbáà jẹ́ àìsàn, ìbáà jẹ́ ọ̀lẹ. Ọ̀kan nínú wa ń ṣu gbuuru fún òru mẹ́ta gbáko, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ó sì ń padà wá fọwọ́ kan oúnjẹ tí àwọn ẹlòmíràn máa jẹ. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní owó ilé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó san. N kò bá a wí, nítorí mo mọ̀ pé ìlànà ibẹ̀ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú abala keje yìí, títí kan àwọn ìdènà fún èrú, la fi ìdánwò kan wò kí a tó kọ ọ́: ǹjẹ́ òfin yìí lè mú kí ẹni tó ń ṣàìsàn wá sídìí fúláwà?

Gbogbo òṣìṣẹ́ ni ọjọ́ 12 náà wà fún, àbí àwọn kan?

Bí a bá tẹ̀ lé òfin nìkan, àwọn tí ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́. Àwọn tó wà nípò ìṣàkóso, tàbí tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, kò sí lábẹ́ rẹ̀; ohun tó bá wà nínú ìwé àdéhùn wọn ni wọ́n máa gbà. Ilé iṣẹ́ wa kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Láti orí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ dé orí máníjà, ọjọ́ 12 kan náà ni.

Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé oṣù Ọ̀pẹ ni a ń kà á. Èyí tí ẹ kò bá lò kì í bọ́ sí ọdún tó ń bọ̀, a kì í sì í fi owó rà á padà, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ pé wọn yóò ra ọjọ́ àìsàn òun padà yóò máa fi ara líle wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ibà lára. Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni a ń kà. Bí ọjọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ yín tàbí ọjọ́ ìsinmi tí ìjọba kéde bá bọ́ sáàárín ọjọ́ tí ẹ fi dùbúlẹ̀, kò sí nínú ìṣirò.

Lẹ́yìn tí 12 bá tán, ilé iṣẹ́ wa fi ọjọ́ 10 mìíràn kún un pẹ̀lú ìdajì owó. Èyí kì í ṣe ti òfin. Àwa la gbà láti ṣe é.

Ta ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún, nígbà wo sì ni?

Ẹ pe súpáfáísọ̀ ṣíífìtì yín lórí fóònù, ó kéré tán wákàtí mẹ́ta kí iṣẹ́ yín tó bẹ̀rẹ̀. Fún ṣíífìtì òru tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, ó túmọ̀ sí pé kí ìpè yín ti wọlé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Kì í ṣe pé a fẹ́ ni yín lára. Ẹni tó máa rọ́pò yín lè wà ní Máràrábá tàbí ní Sùlèjá, ó gbọ́dọ̀ rí mọ́tò wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni fúláwà tí a ti po kò ní dúró de ẹnikẹ́ni: bí ó bá wú kọjá àlà, dídà ni wọn yóò dà á nù.

Nǹkan mẹ́ta péré ni ẹ ní láti sọ: pé ara yín kò yá, ìgbà tí ẹ rò pé ẹ máa lè padà, àti bóyá ẹ ń ṣu gbuuru, ẹ ń bì, ojú yín pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, tàbí egbò tàbí eéwo wà lọ́wọ́ yín. Ìdí tí a fi ń béèrè ẹ̀kẹta yìí yóò hàn nísàlẹ̀. Súpáfáísọ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ yín, ọjọ́ àti aago tí ẹ pè sínú rẹ́jísítà lójú ẹsẹ̀, kí ó sì fi nọ́ńbà ìlà tó kọ ọ́ sí ránṣẹ́ sí yín. Ẹ pa nọ́ńbà náà mọ́. Òun ni ẹ̀rí yín bí ẹnikẹ́ni bá sọ lọ́la pé ẹ kò pè.

Wáàsáàpù nìkan kò tó, nítorí ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí lè má ní dátà, ó sì lè máa sùn. Bí ẹ bá pè tí kò gbé e, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ sì pe nọ́ńbà ọ́fíìsì.

Bí àìsàn náà bá dé lójijì, tí n kò lè pe ẹnikẹ́ni ńkọ́?

Ìyàwó, ọkọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, tàbí aládùúgbò yín lè bá yín pè. Ẹni tí wọ́n gbé digbádígbá lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí 24 kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, bí ọ̀ràn náà bá sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó gbọ́ àlàyé. A kò tíì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó dákú kó tó rí fóònù.

Ṣé gbogbo ìgbà ni mo gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà wá?

Òfin kò yọ ọjọ́ kankan sílẹ̀: ẹ̀rí dókítà ló so mọ́ owó náà. Ṣùgbọ́n ibà tó mú èèyàn lálẹ́ tó sì lọ lówùúrọ̀ kò yẹ kó ná an ní owó káàdì ilé ìwòsàn àti odidi ọjọ́ kan lórí ìlà. Nítorí náà, a gba ọjọ́ kan ṣoṣo láìsí ìwé dókítà, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún, bí ẹ bá ti pè lásìkò tí ẹ sì kún fọ́ọ̀mù kékeré tó wà lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá padà. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí wà nínú 12 yín.

Bí ó bá ti di ọjọ́ kejì, ìwé dókítà ti di dandan. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ti wà nílé, kí ẹ sì mú ojúlówó rẹ̀ dání nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Dókítà yòówù tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà la gbà. Ẹni tó lọ ṣọdún Iléyá ní Ìlọrin tí ara rẹ̀ sì dá sọ́hùn-ún kò ní láti wá dókítà Àbújá.

Kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà?

Ìwé tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ẹ́sikíúsì díútì gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ìwòsàn, orúkọ yín bó ṣe wà nínú fáìlì wa, ọjọ́ tí dókítà rí yín, ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, orúkọ dókítà, ìbuwọ́lù rẹ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti òǹtẹ̀. Ibi tí ó sábà máa ń bàjẹ́ sí ni ti ọjọ́. Dókítà á kọ pé «ó nílò ìsinmi» láì sọ iye ọjọ́, ẹni tó gbà á kò sì ní wò ó títí yóò fi dé ilé. Ẹ kà á lórí ìjókòó níbẹ̀, kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà, nítorí pípadà lọ tọrọ àtúnṣe máa ń gba odidi ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣàìsàn ní ọjọ́ Ajé tí ẹ sì rí dókítà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a gbà kí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, nítorí pé ìpè yín wà nínú rẹ́jísítà. Bí ó bá padà sẹ́yìn ju ọjọ́ kan lọ, a ó béèrè àlàyé, torí kò sí bí dókítà ṣe lè jẹ́rìí sí ọ̀sẹ̀ tí kò rí yín nínú rẹ̀.

Ìwé kẹ́míìsì, ti nọ́ọ̀sì, tàbí ti oníṣègùn ìbílẹ̀ ńkọ́?

Kẹ́míìsì lè ta oògùn fún yín, ṣùgbọ́n kò lè kọ ìwé ìsinmi. Kò sí ẹni tó lòdì sí àgbo tàbí oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ẹ fọkàn tán; àmọ́ òfin dárúkọ dókítà tó forúkọ sílẹ̀, àwa náà kò sì lè fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Fún àwọn tó ń lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé níbi tí nọ́ọ̀sì nìkan wà, ẹ mú ìwé rẹ̀ wá fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, a ó gbà á gẹ́gẹ́ bí àánú ilé iṣẹ́. Bí ó bá kọjá ọjọ́ méjì, ẹ tẹ̀ síwájú dé ilé ìwòsàn tó ní dókítà.

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ìwé ìsinmi. Àwọn kan máa ń mú èsì àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù wá pé ó ti tó. Àyẹ̀wò Wídàlì tí wọ́n sábà ń ṣe yẹn lè fi àmì hàn lára ẹni tí táífọ́ọ̀dù kò ṣe lásìkò yẹn rárá, bí ó bá ti ní in rí tàbí tí ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Dókítà ni yóò ka èsì náà pọ̀ mọ́ ohun tó rí lára yín, tí yóò sì sọ bóyá ẹ nílò ìsinmi.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ mọ orúkọ àrùn tó ń ṣe mí?

Rárá. Ìwé tó sọ pé ẹ kò lè ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí ti tó fún wa. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ara àwọn ohun tó nílò ààbò àrà ọ̀tọ̀, nítorí náà inú dúrọ́ọ̀ tí a ń tì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nìkan, ni ìwé yín ń gbé. Súpáfáísọ̀ ń rí iye ọjọ́, kì í rí ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó láṣẹ láti bi yín bóyá ẹ ní kòkòrò HIV, nítorí òfin ọdún 2014 kan wà tó dènà fífi í ya òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ ni èyí tó lè gba ọwọ́ yín bọ́ sínú oúnjẹ.

Kí ni ìlànà fún ẹni tó ń ṣu gbuuru tàbí tó ń bì?

Kó má wá. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, kó fọwọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sọ fún súpáfáísọ̀, kó máa lọ sílé. Kò gbọ́dọ̀ padà sídìí fúláwà, ibi ìgé tàbí ibi ìdì títí wákàtí 48 yóò fi pé lẹ́yìn ìgbà ìkẹyìn tó ṣu gbuuru tàbí tó bì, torí kòkòrò ṣì lè máa jáde lára ẹni tí inú rẹ̀ ti dákẹ́. Ooru ààrò á pa ohun tó wà nínú fúláwà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ààrò ni a ń fi ọwọ́ gé búrẹ́dì tí a sì ń dì í, kò sì sí iná kankan mọ́ láti ìgbà yẹn dé ẹnu ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Ibi tí a ronú sí jù lọ nìyí: ọjọ́ méjì tí ẹ fi ń dúró yẹn, owó yín pé, a kì í sì í yọ ọ́ nínú 12. Àwa la ní kí ẹ dúró, kò tọ́ kí ẹ fi ọjọ́ yín san án. Bí a bá ní kó jẹ́ ti òṣìṣẹ́, irọ́ ni a ń kọ́ wọn yẹn.

Ẹ fi ìṣirò owó kan hàn wá, kó yé wa.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan wà nídìí ẹ̀rọ ìpo-fúláwà, ₦78,000 ni owó oṣù rẹ̀, ọjọ́ Àìkú sì ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ọjọ́ 26 ni a fi ń pín owó oṣù gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ìbáà jẹ́ oṣù Èrèlé tó kúrú tàbí oṣù tó gùn. Owó ọjọ́ kan rẹ̀ jẹ́ ₦3,000.

Kí oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ tó dé, ó ti lo ọjọ́ 7: mẹ́rin nígbà ibà, méjì nígbà tí wọ́n yọ eyín rẹ̀, àti ọ̀kan tí kò ní ìwé dókítà. Ó ku 5. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù náà, ara rẹ̀ gbóná gan-an, ó pe súpáfáísọ̀ ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà dá a dúró sí ilé ìwòsàn nítorí táífọ́ọ̀dù, ó sì kọ ìwé ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá fún un, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kẹwàá.

Òṣìṣẹ́ yìí á máa rò pé ọjọ́ 10 ló lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kan wà láàárín rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ keje, nítorí náà ọjọ́ iṣẹ́ 9 ni. Márùn-ún àkọ́kọ́ gba owó pípé, ₦15,000. Mẹ́rin tó kù bọ́ sí ìdajì, ₦1,500 lọ́jọ́ kan, àpapọ̀ ₦6,000. Dípò ₦27,000 tí ì bá gbà fún ọjọ́ 9 náà, ₦21,000 ló gbà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦6,000.

Nígbà tí ọjọ́ kẹwàá pé, ara rẹ̀ ti le, ó fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní táífọ́ọ̀dù lè máa yàgbẹ́ pẹ̀lú kòkòrò náà lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá, nítorí náà a ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ rẹ̀, kí dókítà sì kọ ọ́ pé ó lè fọwọ́ kan oúnjẹ. Èsì náà gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ ló san owó àyẹ̀wò, àwa la sì san owó ọjọ́ mẹ́ta yẹn ní pípé. Owó oṣù rẹ̀ wá jẹ́ ₦72,000, yàtọ̀ sí owó alẹ́ tí a ń san fún kìkì òru tí èèyàn bá ṣiṣẹ́. Títí ọdún yóò fi parí, ọjọ́ onídajì owó 6 ló kù fún un.

Bí ààrò bá jó mi, ṣé ọjọ́ àìsàn mi ni wọ́n máa yọ?

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà àìsàn. Ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́ wà lábẹ́ Òfin Owó Ìrànwọ́ Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, àjọ NSITF ló sì ń bójú tó o. Òun ni ilé iṣẹ́ ń torí rẹ̀ dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù gbogbo yín lóṣooṣù. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó ilé iṣẹ́ létí, ilé iṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ẹ sọ ọ́ ní alẹ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, bó ti wù kó kéré tó. Ojú iná tó jóni lónìí lè kẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ìbímọ àti àìsàn ọmọ ńkọ́?

Ìsinmi ìbímọ ní abala tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 ni. Àìsàn ọmọ tàbí òbí wà lábẹ́ ìsinmi ọ̀ràn ẹbí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé ẹ̀yin lẹ ń ṣàìsàn nígbà tó jẹ́ ọmọ ni. Ìdí tí ìsinmi yẹn fi wà nìyẹn.

Báwo lẹ ṣe ń mọ ìwé dókítà tí kì í ṣe òótọ́?

Àwọn àmì rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n fi kún nọ́ńbà kan, tí «2» di «12», tí ìǹkì méjèèjì kò sì jọra. Orúkọ tó wà lórí òǹtẹ̀ kì í ṣe ti ilé ìwòsàn tó wà lórí ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n kọ jẹ́ ọjọ́ tí kíníkì náà kì í ṣí. Ìwé òṣìṣẹ́ méjì láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Síbẹ̀, àmì kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn dókítà tó ń kánjú máa ń ṣàṣìṣe pẹ̀lú.

Nígbà tí iyèméjì bá wà, òṣìṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ìgbàláàyè, lẹ́yìn náà ni èmi fúnra mi yóò kàn sí ilé ìwòsàn. Ìbéèrè méjì péré ni mo ń béèrè: ṣé ọ̀dọ̀ yín ni ìwé yìí ti wá, ṣé àwọn ọjọ́ tó wà níbẹ̀ sì ni ẹ kọ? N kì í béèrè ohun tó ṣe é. N kì í sì í pe nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé tí mò ń ṣiyèméjì sí, nítorí ẹni tó lè ṣe ayédèrú ìwé lè kọ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i. Mo máa ń wá nọ́ńbà náà níbòmíràn tàbí kí n lọ síbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ìgbàláàyè, a kò lè fi ipá mú un, ṣùgbọ́n a ó dá owó ọjọ́ wọ̀nyẹn dúró títí yóò fi mú ẹ̀rí mìíràn wá.

Wọ́n ní ẹ ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣàìsàn lọ́jọ́ Ajé. Òótọ́ ni?

Mò ń wo rẹ́jísítà lóṣooṣù, lóòótọ́. Bí ẹnì kan bá pàdánù ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí tí àìsàn rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ tàbí ọjọ́ tí owó wọlé, mo máa ń pè é jókòó. Ìjíròrò ni, kì í ṣe ìgbẹ́jọ́, a kì í sì í kọ ọ́ sínú fáìlì ìbáwí.

Mo ti rí ẹni tí kì í wá ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù, ó sì ti pẹ́ tí súpáfáísọ̀ rẹ̀ ti pè é ní alágàbàgebè. Nígbà tí a jókòó, ó wá hàn pé Ọjọ́bọ̀ ni kíníkì ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń lọ, ojú sì ń tì í láti sọ. A yí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kúrò ní Àìkú sí Ọjọ́bọ̀, kò sì pàdánù iṣẹ́ mọ́. Ká ní kúẹ́rì la kọ́kọ́ fún un, ó ṣeé ṣe kó pa kíníkì tì.

Ṣé ilé iṣẹ́ lè ní kí n lọ rí dókítà tí wọ́n yàn?

Ó lè sọ bẹ́ẹ̀, òfin sì fàyè gbà á. Àwa ni a máa san owó rẹ̀ àti owó mọ́tò yín. Ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí lè pàdánù owó ọjọ́ àìsàn náà. A kì í lò ó fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó wà fún ìsinmi tó gùn tàbí èyí tó ń padà wá lemọ́lemọ́.

Kí ni ìyà ẹni tó mú ayédèrú ìwé wá? Ṣé wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e?

Owó ìtanràn kọ́. Abala 5 Òfin Òṣìṣẹ́ kò gbà kí agbanisíṣẹ́ yọ owó iṣẹ́ ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ìtanràn, kódà bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí i. Ohun tí a lè ṣe ni pé a kò ní sanwó fún ọjọ́ tí kò tọ́ sí i. Ayédèrú fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ àìṣòótọ́ tó lè já sí ìyọkúrò níṣẹ́. Kúẹ́rì ni a ó kọ́kọ́ fún un pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé tí a ń ṣiyèméjì sí. Ó ní wákàtí 48 láti dáhùn, ó sì lè mú òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dání wá sí ìjókòó. Súpáfáísọ̀ tó fẹ̀sùn kàn án kì í sí lára àwọn tó máa dájọ́.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti ẹni tó ń ṣàìsàn ní tòótọ́, tí dókítà fún ní ọjọ́ méjì, tí ara rẹ̀ kò sì tíì yá nígbà tó pé, tó wá fi bírò sọ «2» di «5». Ká ní ó padà sọ́dọ̀ dókítà ni, yóò gba ọjọ́ mẹ́ta náà lọ́nà ẹ̀tọ́. Nítorí bírò, ọ̀rọ̀ àìsàn di ọ̀rọ̀ irọ́.

Bí súpáfáísọ̀ bá kọ̀ láti kọ ìpè mi sílẹ̀, tàbí tó fi dandan lé e pé kí n wá ńkọ́?

Èrú nìyẹn náà, ìwé ìlànà sì kà á sí bẹ́ẹ̀. Súpáfáísọ̀ tó bá pe ẹni tó ń bì wá sídìí fúláwà, tó yí ọjọ́ àìsàn padà sí ìsinmi ọdọọdún láì gba àṣẹ, tàbí tó kọ̀ láti fi nọ́ńbà ìlà ránṣẹ́, yóò gba kúẹ́rì bí ẹnikẹ́ni. Ẹ pe ọ́fíìsì tààrà. Ìtàn ìpè tó wà lórí fóònù yín ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ọjọ́ mi bá tán pátápátá, tí ara mi kò sì tíì yá?

Lẹ́yìn ọjọ́ 12 olówó pípé àti 10 onídajì, ẹ lè lo ìsinmi ọdọọdún tó kù fún yín bí ẹ bá fẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè, a kò ní fi agbára yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó di àyè yín mú fún oṣù mẹ́ta láìsí owó. Láàárín àkókò náà ni a ó jọ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé irú iṣẹ́ wo ni ara yín lè gbé. Ẹni tí kò lè gbé àpò fúláwà mọ́ lè máa ka búrẹ́dì tó ń jáde, ó sì lè máa kọ ìwé àwọn mọ́tò tó ń kó o lọ sí ọjà. Ẹni méjì ló wà lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ báyìí, owó oṣù wọn kò sì dín kù. Bí kò bá sí iṣẹ́ kankan tí ara yín lè gbé, tí àdéhùn sì gbọ́dọ̀ parí, a kò ní lé yín lọ lójijì. Àkókò ìfitónilétí tí òfin là sílẹ̀ ni yóò ṣáájú, tàbí owó rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì àmọ́ tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.